Pọ́bílíṣà ni àbí kí n fúnra mi tẹ̀ ẹ́? Ìwé mi àkọ́kọ́ lórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ

Ìyá Ẹlẹ́kọ, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọ aláàdìrẹ ni mí. Ìdí aró ní Ìtòkú ni wọ́n bí ìyá mi sí, èmi náà sì jẹ́ olùkọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí tí mo ti ń kọ ìwé kan lórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ó sọ bí a ṣe ń fi láfún se ẹ̀kọ tí a ó fi ya aṣọ, bí a ṣe ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà á, iye ìgbà tí aṣọ ń wọ inú aró, àti ohun tí àwọn àgbà sọ fún mi nípa àwọn àwòrán bíi Olókun, Ìbàdàndùn, Ṣùnbẹ̀bẹ̀ àti Jùbílì tó jáde lásìkò àjọ̀dún ọba Gẹ̀ẹ́sì ní 1935. Mẹ́ta nínú àwọn àgbà yẹn ti kú kí n tó parí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́ nítorí àwọn àlejò tó ń wá ra aṣọ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n orúkọ gbogbo nǹkan wà ní Yorùbá pẹ̀lú àmì orí rẹ̀. Ojú ìwé 180 ni, àwòrán 64 ló sì wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló ní àwọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú mi báyìí. Pọ́bílíṣà kan ní Ìbàdàn ti kà á, wọ́n ní àwọn máa gbé e jáde, n kò ní san kọ́bọ̀, wọ́n á sì máa fún mi ní ìdá 10 nínú 100. Ṣùgbọ́n ojú ìwé 16 péré ni wọn yóò fi àwọ̀ tẹ̀, ní àárín ìwé, ìyókù á jẹ́ dúdú àti funfun, ó sì lè tó ọdún kan ààbọ̀ kó tó jáde. Ilé iṣẹ́ kejì, ti Èkó, ní àwọn fẹ́ bá mi ṣe àjọṣe: kí n mú ₦1,800,000 wá, wọn á fún mi ní ẹ̀dà 200, a ó sì máa pín èrè ìyókù dọ́gba. Ẹ̀kẹta, ọmọ mi ọkùnrin ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, kí n gbé e lọ bá àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú kí n fi owó àjẹmọ́nú mi tẹ̀ ẹ́. N kò ṣe irú ẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wò kí n tó mú ọ̀kan?

Ọmọ Aké

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Èmi ò ní fọ̀rọ̀ gùn. Ẹ fúnra yín tẹ̀ ẹ́. Ìdá 10 yẹn kéré jù, ẹni tó ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin kò gbọ́dọ̀ gba ìdá kan kí ẹlòmíràn kó mẹ́sàn-án. Ẹ kàn lọ gba nọ́ḿbà ISBN ní Ilé Ìkówèésí Orílẹ̀-èdè. Tí ẹ bá ti ní in, ìwé di tiyín nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè jí i lò.

Bàbá Olóòtú, Ìbàdàn

Ẹ kú u ti ìwé, ìyá wa. Ọdún 31 ni mo fi ṣe olóòtú ní ilé agbéwèéjáde kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ àbúrò mi yìí ṣe díẹ̀. Òótọ́ ni pé Ilé Ìkówèésí Orílẹ̀-èdè ló ń fúnni ní ISBN ní Nàìjíríà, ẹni tó bá sì fúnra rẹ̀ gbé ìwé jáde lè gbà á lórúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ḿbà tí ọlọ́jà fi ń dá ìwé mọ̀ ni, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹni tó ni iṣẹ́. Ìwé yín ti jẹ́ tiyín láti ọjọ́ tí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022, ẹ̀tọ́ yẹn wà títí ẹ ó fi dàgbà dàgbà, ó sì tún wà fún àwọn ọmọ yín fún 70 ọdún lẹ́yìn yín. Nǹkan kan ṣoṣo ló lè gbé e kúrò lọ́wọ́ yín: ìwé àdéhùn tí ẹ bá fọwọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ka àdéhùn Ìbàdàn yẹn kí ẹ tó máa wo iye owó.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń kó wa sí wàhálà ní èdè wa. A ń pe ẹni tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní atẹ̀wé, a sì ń pe pọ́bílíṣà náà ní atẹ̀wé, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ń ta bébà àti yíǹkì fún yín, ó parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tó gbé páálí ìwé lé yín lọ́wọ́. Pọ́bílíṣà ń fi owó tirẹ̀ ra ewu. Òun ló ń san owó olóòtú, owó ẹni tó to ojú ìwé, owó títẹ̀, òun ló ń gbé e fún ilé ìtàwé, bí ìwé kò bá sì tà, òun ló jẹ gbèsè. Ìdí tó fi ń kó ìdá tó pọ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ bi ara yín nípa ẹnikẹ́ni tó bá wá bá yín: owó ta ni yóò ṣòfò bí ìwé bá dúró sí ilẹ̀?

Ẹ fi wo ti Èkó. Ẹ pín ₦1,800,000 sí ọ̀nà 200. ₦9,000 ni ẹ ra ẹ̀dà ìwé ti ara yín kọ̀ọ̀kan, lọ́wọ́ ẹni tí kò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Owó yín ni wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́, èrè wọn sì ti wà nínú rẹ̀ kí ìwé kankan tó tà, kí ni yóò wá lé wọn lọ sí ilé ìtàwé? Pọ́bílíṣà kọ́ nìyẹn. Oníbàárà ni ẹ jẹ́ fún wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú mẹ́ta, ó ku méjì.

Olùkọ́ Rẹ́mọ

Ẹ kú àárọ̀. Tí ìwé bá jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́, pọ́bílíṣà ni kí ẹ mú láìsí iyèméjì. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìwé lọ sí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ kó lè wọ inú àtòjọ ìwé tí ìjọba fọwọ́ sí, wọ́n sì ní àwọn tó ń lọ láti ilé ìwé dé ilé ìwé. Mo fúnra mi tẹ ìwé ìṣirò fún kíláàsì JSS 1 rí, kò sí ọ̀gá ilé ìwé tó dá mi lóhùn nítorí kò sí nínú àtòjọ.

Ìyá Ẹlẹ́kọ, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ o. Fún àwọn tó ń ra àdìrẹ, àwọn tó ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe é, àti àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ni.

Bàbá, mo dúpẹ́. Mo ti rò pé ti Èkó ló dára jù nítorí wọ́n ní a ó pín in dọ́gba.

Bàbá Olóòtú, Ìbàdàn

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò méjì tó kù. Kì í ṣe iye ọjà ni mo fẹ́ dá yìí o, mo kàn fẹ́ nọ́ḿbà tó rọrùn. Ká ní ₦10,000 ni ìwé, ẹ tẹ ẹ̀dà 500, ẹyọ kan sì gbà yín ní ₦4,000 ní títẹ̀. ₦2,000,000 nìyẹn. Ẹ fi ₦600,000 kún un fún olóòtú, àtò ojú ìwé àti èèpo ẹ̀yìn, nítorí ẹni tó bá tẹ ìwé láìjẹ́ kí ojú kejì tún un ṣe yóò kábàámọ̀ ní ojú ìwé kẹta. Ó di ₦2,600,000.

Bí ilé ìtàwé bá ń bá yín tà á tí wọ́n sì ń mú ìdá 40, ₦6,000 ló ń bọ̀ wá bá yín lórí ẹyọ kan. Ẹ gbọ́dọ̀ ta ẹ̀dà 434 kí owó yín tó padà, bí gbogbo 500 bá sì tà tán, èrè yín jẹ́ ₦400,000. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ara yín ni ẹ fi tà á, ₦10,000 ló wọlé lórí ẹyọ kan, ẹ̀dà 260 ti dá owó yín padà, èrè 500 sì jẹ́ ₦2,400,000. Ìwé kan náà, títẹ̀ kan náà.

Ti pọ́bílíṣà ńkọ́? Ìdá 10 lórí iye tó wà lẹ́yìn ìwé jẹ́ ₦1,000. Ṣùgbọ́n ìdá 10 lórí owó tó bá wọlé sọ́dọ̀ àwọn, lẹ́yìn tí ilé ìtàwé ti mú tiwọn, jẹ́ ₦600. Ẹ wò ó dáadáa nínú àdéhùn, ọ̀rọ̀ méjì péré ló ya wọ́n. Lórí ẹ̀dà 500, ₦300,000 ni ẹ ó gbà, láìfi kọ́bọ̀ sínú ewu.

Ẹ rí i báyìí pé bí ó bá jẹ́ ilé ìtàwé ni yóò ta ìwé yín, ₦100,000 péré ni títẹ̀ fúnra yín fi ju ti pọ́bílíṣà lọ, ẹ sì ti fi ₦2,600,000 dúró fún un. Ọ̀nà tí fífúnra ẹni tẹ̀ ẹ́ fi ń lérè ni kí òǹkọ̀wé mọ ibi tí òǹkàwé rẹ̀ wà kó sì lè na ìwé sí i lọ́wọ́. Nítorí náà, ìbéèrè mi sí yín, ìyá wa: àlejò mélòó ló ń wọ ṣọ́ọ̀bù yín lọ́sẹ̀?

Ìyàwó Àlùfáà, Ọ̀ṣogbo

Mo fẹ́ sọ ti èmi, nítorí ìṣirò yẹn dára ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Mo kọ ìwé lórí títọ́ ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. Mo tẹ ẹ̀dà 1,000 nítorí atẹ̀wé ní ẹyọ kan yóò dínwó. Òótọ́ ni, ó dínwó. A ṣe ìkójáde ìwé, àwọn èèyàn dìde, wọ́n dárúkọ owó ńlá ńlá níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ó ju ìdajì ìlérí yẹn lọ tí kò wọlé títí di òní. Ẹ̀dà tó lé ní 500 wà ní yàrá àlejò mi. Òjò ọdún kejì mú kí èyí tó wà nísàlẹ̀ hu funfun. Ìwé náà ń ran àwọn ìyá lọ́wọ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pè mí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí pọ́bílíṣà gidi bá ti wí pé òun á gbé e, èmi á bá a lọ.

Ọmọ Aké

Ẹ má bínú, màmá Ọ̀ṣogbo, àmọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkójáde ìwé ló san gbogbo owó tí wọ́n fi tẹ tirẹ̀. Kò gba ìlérí kankan. Wọ́n to ìwé sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó bá fẹ́ san owó kó mú un lọ. Mo sì gbà pé mo ṣi ISBN yẹn sọ, ẹ ṣeun bàbá.

Àdùkẹ́, Pẹ́kàmù

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, mo sì ti gbé ìwé oúnjẹ kan jáde lórí KDP ti Amásọ́nù. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ìwé tí ẹnì kan bá rà ni wọ́n ń tẹ̀, kò sí páálí ní yàrá. Ẹ ò ní san owó àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tiyín jẹ́ ìwé àwòrán, ibẹ̀ sì ni èmi náà ti kọsẹ̀.

Tí ẹ bá ta ìwé orí ẹ̀rọ, Amásọ́nù ń polówó pé ìdá 70 nínú 100 jẹ́ ti òǹkọ̀wé fún ìwé tí iye rẹ̀ wà láàárín dọ́là 2.99 sí 9.99. Ohun tí èmi kò kà dáadáa ni pé nínú ètò ìdá 70 yẹn wọ́n ń yọ owó ìfiránṣẹ́ lórí bí fáìlì ṣe wúwo tó, sẹ́ńtì 15 lórí mẹ́gábáìtì kan ní Amẹ́ríkà. Fáìlì ìwé mi jẹ́ mẹ́gábáìtì 40 nítorí fọ́tò. Dọ́là 6 ni wọ́n ń yọ. Lórí ìwé dọ́là 9.99, ohun tó kù ni dọ́là 3.99, ìdá 70 rẹ̀ jẹ́ 2.79. Ètò ìdá 35, tí wọn kì í yọ owó ìfiránṣẹ́ nínú rẹ̀, ìbá fún mi ní 3.50! Mo lo ètò tó ń dín owó mi kù fún oṣù mẹ́jọ kí n tó rí i. Ti ìwé bébà náà, owó títẹ̀ ojú ìwé aláwọ̀ ju ti dúdú lọ gan-an níbẹ̀, òun ni wọ́n á sì kọ́kọ́ yọ.

Síbẹ̀ èmi kò ní sọ pé kí ẹ má lò ó. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kí ẹ má jẹ́ kí pọ́bílíṣà Ìbàdàn gba gbogbo ayé lọ́wọ́ yín. Ẹ fún wọn ní Nàìjíríà nìkan. Ọjà wa níhìn-ín kò sí lọ́wọ́ wọn.

Bàbá Olóòtú, Ìbàdàn

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Àdùkẹ́ lórí ọjà òkèèrè. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé àwọn ilé kan yóò kọ̀, wọn yóò ní àwọn fẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pátá ó kéré tán. Ẹ lè gbà fún wọn bẹ́ẹ̀ láìsí ìpalára.

Fẹ́mi Atẹ̀wé, Ṣómólú

Ẹ kú ọ̀sán, Màmá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni iṣẹ́ mi. Mo ti ń retí kí ẹnì kan béèrè nípa àwọ̀, nítorí lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìpinnu yín wà.

Pọ́bílíṣà tó ní ojú ìwé 16 kò fi ìyà jẹ yín. Bébà ńlá kan tí a bá tẹ̀ tí a sì ká ló ń di ojú ìwé 16. Ojú ìwé dúdú ń fẹ́ pléètì kan, ìyẹn páálí irin tó ń gbé yíǹkì sórí bébà, ti aláwọ̀ ń fẹ́ mẹ́rin, ẹ̀rọ á sì tún ṣiṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà wọ́n ń kó gbogbo àwọ̀ sínú bébà kan, kí owó má pọ̀. Ó bọ́gbọ́n mu fún ìwé ìtàn. Fún ìwé yín, ó túmọ̀ sí pé ẹni tó ń ka bí ẹ ṣe ya Olókun ní ojú ìwé 40 yóò máa ṣí lọ sí àárín ìwé láti rí i.

Ohun kejì ni aró fúnra rẹ̀. Búlúù tó jinlẹ̀ ni àwọ̀ tó ń da ẹ̀rọ wa láàmú jù. Yíǹkì mẹ́rin tí a ń lò kì í lè dé ibẹ̀ tán, bí ẹni tó tún fọ́tò ṣe kò bá sì dín yíǹkì pupa inú rẹ̀ kù, aṣọ yóò jáde bí èsè àlùkò. Lójú kọ̀ǹpútà yóò dára, lórí bébà yóò di nǹkan mìíràn. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá mú, pọ́bílíṣà tàbí èmi, ẹ má fọwọ́ sí i láìrí pírúùfù, ìyẹn ojú ìwé tí a kọ́kọ́ tẹ̀ wò, lórí bébà tí a ó fi tẹ ìwé gan-an. Bébà tó ń mu yíǹkì á tún mú kí àwọ̀ kú.

Àti àmì orí ọ̀rọ̀. Àwọn fọ́ńtì kan kò lè gbé àmì sórí lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀. Ẹ wo «ẹ́» àti «ọ̀» ní pírúùfù, ẹ ó rí i pé àmì ti rìn lọ sórí lẹ́tà kejì. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá kà á kẹ́yìn, kì í ṣe ẹni tó to ojú ìwé.

Lórí iye ẹ̀dà, mo bá màmá Ọ̀ṣogbo kẹ́dùn. Àwa atẹ̀wé la máa ń sọ pé ẹ̀dà púpọ̀ dínwó, òótọ́ ni, nítorí owó pléètì kan náà ni, ẹ tẹ 300 tàbí 3,000. Ṣùgbọ́n ẹyọ tó dínwó tí kò tà wọ́n ju ẹyọ tó wọ́n tó tà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 300 lórí ẹ̀rọ dìjítà, kò lo pléètì rárá. Bó bá tán, ẹ padà wá.

Bàbá Olóòtú, Ìbàdàn

Fẹ́mi ṣe àlàyé dáadáa, àmọ́ mo fẹ́ bá a jiyàn lórí ibi kan. Bí ìyá wa bá tẹ 300 fúnra rẹ̀ lónìí, pọ́bílíṣà Ìbàdàn lè má fẹ́ ẹ mọ́ lọ́la. Púpọ̀ nínú wa kì í gba ìwé tó ti jáde, àyàfi tó bá ti tà débi tí gbogbo èèyàn fi gbọ́. Kì í ṣe ilẹ̀kùn tí a lè ṣí tì láìsí nǹkan.

Fẹ́mi Atẹ̀wé, Ṣómólú

Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n mo ti rí èyí tí pọ́bílíṣà wá béèrè lẹ́yìn tó ti tà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé.

Ìyá Ẹlẹ́kọ, Abẹ́òkúta

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mo sì tún kà á fún ọmọ mi. Ẹ̀yin bàbá béèrè iye àlejò: lọ́sẹ̀ tí kò sí ọdún, ó tó 15 sí 20 tó ń wọ ilé wa, bí ìdajì wọn sì ń béèrè ìtumọ̀ àwòrán. Mo tún ń kọ́ àwọn èèyàn bí a ṣe ń ya aṣọ ní ìparí oṣù, èèyàn 12 lẹ́ẹ̀kan.

Mo gbé àdéhùn Ìbàdàn jáde. Lórí owó tó bá wọlé ni ìdá 10 wọn wà, bí ẹ ṣe sọ. Ohun tó dẹ́rù bà mí ni ibi kan tó ní mo fi ẹ̀tọ́ ìwé lé wọn lọ́wọ́ ní gbogbo èdè àti ní gbogbo ayé «fún gbogbo ìgbà tí ẹ̀tọ́ náà bá fi wà». Ṣé 70 ọdún lẹ́yìn ikú mi ni wọ́n ń sọ yẹn?

Bàbá Olóòtú, Ìbàdàn

Òun gan-an ni. Ẹ má bẹ̀rù, ó wà nínú àdéhùn púpọ̀, wọ́n sì máa ń yí i padà bí òǹkọ̀wé bá béèrè kó tó fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè nǹkan méjì. Kí ó jẹ́ ìyọ̀ǹda láti gbé e jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà, kí ó má jẹ́ gbígbé ẹ̀tọ́ fúnni. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé bí ìwé bá ti tán lórí àtẹ tí wọn kò sì tún un tẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ẹ bá kọ̀wé sí wọn, gbogbo rẹ̀ padà sọ́dọ̀ yín. Kí wọ́n dárúkọ iye ẹ̀dà, kí wọ́n má kàn kọ «tán». Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò fi ẹ̀dà mẹ́rin sínú ilé ìpamọ́ wọn, wọn yóò ní kò tíì tán.

Pẹ̀lú àlejò tí ẹ kà yẹn, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé agbéwèéjáde ni mo ti jẹun: ẹ ní ọjà lójúlé yín. Bí wọn kò bá gbà láti fi àwọ̀ sí ibi tó yẹ, n kò rí ohun tí ẹ ń lọ ṣe lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, ẹ rántí pé ẹ̀yin ni pọ́bílíṣà nìyẹn, òfin sì ní kí pọ́bílíṣà fi ẹ̀dà 3 ránṣẹ́ sí Ilé Ìkówèésí Orílẹ̀-èdè.

Ìyàwó Àlùfáà, Ọ̀ṣogbo

Àlejò 20 lọ́sẹ̀? Èmi kò ní irú ẹ̀. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà fún tiyín, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ 1,000.

Ìyá Ẹlẹ́kọ, Abẹ́òkúta

Mo pe Ìbàdàn láàárọ̀ yìí. Wọ́n gbà fún oṣù mẹ́fà yẹn, wọ́n ní àwọn yóò ro ti Nàìjíríà nìkan. Lórí àwọ̀, wọ́n ní 32 ni àwọn lè dé, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Fẹ́mi, ọmọ mi, mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe pírúùfù ojú ìwé méjì, ti Olókun àti ti Ìbàdàndùn, kí n fi ojú mi rí i.

Fẹ́mi Atẹ̀wé, Ṣómólú

Ó ti parí, Màmá. Ẹ má fi fọ́tò nìkan ránṣẹ́. Ẹ gbé aṣọ méjèèjì dání wá, kí a tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà ní ojú oòrùn, nítorí iná inú ṣọ́ọ̀bù ń parọ́ fún búlúù. Ẹ sì jọ̀ọ́, èyí tó ti rẹ aró tán tó sì ti gbẹ ni kí ẹ mú.